Lẹ́tà Àbá Iṣẹ́ sí Oníṣọ́ọ̀bù Kékeré: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Fídíò Ìpolówó Olóṣooṣù ní Atong Abè

Lẹ́tà àbá iṣẹ́ ni ìwé tí ẹni tó ní iṣẹ́ ọwọ́ kan fi ń lọ bá ẹni tí kò tíì bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́, tí yóò fi ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ bá a ṣe, iye tí yóò gbà, àti èrè tí ẹni náà lè rí níbẹ̀. Èyí tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé ni irú lẹ́tà tí ayafídíò, ìyẹn ẹni tó ń fi fóònù tàbí kámẹ́rà ya fídíò fún owó, máa ń kọ sí oníṣọ́ọ̀bù kékeré pé òun fẹ́ máa ya fídíò ìpolówó kéékèèké fún un lóṣooṣù. Atong Abè ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Àdúgbò kan ni ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ́ọ̀nù, níbi tí ṣọ́ọ̀bù àti ilé gbígbé ti wà pa pọ̀, tí àwọn tó ti Àjàṣẹ́, Kútọnu, Lọ́mẹ̀ àti Èkó wá sì ń ná ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kì í ṣe bóyá fídíò dára fún ọjà, nítorí pé kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó ní fóònù lọ́wọ́ tí kò tíì rí ọjà ẹlòmíràn lórí WhatsApp tàbí TikTok. Ohun tó yẹ kí a yẹ̀ wò ni ìdí tí ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fi ń gba ẹ̀rín músẹ́ àti ìlérí pé “a ó pè yín”, tí ìpè náà kò sì ní í wáyé láé. Ìdáhùn tí àgbéyẹ̀wò yìí yóò tẹ̀ lé ni pé àṣìṣe náà kò sí nínú bí lẹ́tà ṣe dùn tó. Ó wà nínú ìṣirò. Iṣẹ́ ayafídíò ni lẹ́tà náà máa ń ṣírò, kì í ṣírò èrè tó wà lórí ọjà oníṣọ́ọ̀bù, kì í sì sọ ohun tí oníṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe kí fídíò tó lè di owó.

Bí a bá wo irú àwọn lẹ́tà bẹ́ẹ̀ dáadáa, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà ta iṣẹ́ náà. Àwọn kan ń ta iye fídíò: wọ́n á ní fídíò mẹ́jọ lóṣù, iye báyìí, fídíò méjìlá, iye báyìí. Àwọn mìíràn ń ta iye ojú, èyí tí í ṣe iye ìgbà tí fídíò kan hàn lójú fóònù àwọn ènìyàn, wọ́n á sì ṣèlérí ẹgbẹ̀rún báyìí láàárín ọjọ́ báyìí. Ẹgbẹ́ kẹta ń ta ìtọ́jú gbogbo ojú ìwé ṣọ́ọ̀bù, láti orí yíya fídíò títí dé orí dídá oníbàárà lóhùn. Ọ̀nà kìíní ni ó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ohun tó wà lọ́wọ́ ayafídíò láti ṣe ni ó ń ṣèlérí. Ọ̀nà kejì ni ó léwu jù, ó sì yẹ kí a dúró lé e lórí díẹ̀.

TikTok kì í béèrè bóyá ẹni tó ń wo fídíò mọ ṣọ́ọ̀bù náà kí ó tó gbé e síwájú rẹ̀. Bí àwọn àkọ́kọ́ tó rí i bá wò ó dé òpin, ó máa ń gbé e lọ bá àwọn mìíràn, ibikíbi tí wọ́n bá wà. Nítorí náà, fídíò léèsì tí wọ́n yà ní Atong Abè lè rí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ojú, kí ó sì jẹ́ pé Abidjan àti Kútọnu ni púpọ̀ nínú àwọn olójú náà ń gbé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í wọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí ọ̀pá léèsì márùn-ún. Bí olójú bá tilẹ̀ wà nínú Gàbọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, kò sí ọ̀nà mọ́tò tó rọrùn láti Libreville dé Port-Gentil. Ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ òfuurufú ni ẹrù sábà máa ń bá lọ, owó ẹrù náà á sì wọ inú owó aṣọ. WhatsApp yàtọ̀. Àwọn tí nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù wà nínú fóònù wọn, tí nọ́ńbà tiwọn náà sì wà nínú fóònù ṣọ́ọ̀bù, ni wọ́n lè rí ohun tí ó bá gbé sí Status, ìyẹn àyè tí àwòrán àti fídíò ń wà fún wákàtí 24 kí ó tó parẹ́. Ọgọ́rin irú ojú bẹ́ẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ìyàwó ilé, aránṣọ àti àwọn tó ti rajà rí ní ìlú kan náà, níye lórí ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún àjèjì lọ. Lẹ́tà tó ń ṣèlérí iye ojú kò tíì parọ́, ṣùgbọ́n ohun tí oníṣọ́ọ̀bù kò lè ná ní ọjà ni ó ń ṣèlérí fún un.

Ọ̀nà kẹta, ìyẹn ìtọ́jú gbogbo nǹkan, kò yẹ kí ó wọ lẹ́tà àkọ́kọ́ rárá, nítorí pé ẹni tí kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín léèsì tí wọ́n ń pè ní swiss àti èyí tí wọ́n ń pè ní fúráǹsì kò lè dá oníbàárà lóhùn lórúkọ ìyálọ́jà tó ti ta aṣọ láti ìgbà ọmọge rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ ìṣirò lè yé ni, ó dára kí a mú ṣọ́ọ̀bù kan tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lásán. Ìyá kan ni ó ni ín, ọmọ Yorùbá láti apá Bẹ̀nẹ̀, léèsì àti àńkárá ni ó ń tà, ọmọọ̀ṣẹ́ kan ló sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀pá léèsì márùn-ún kan ń lọ ní 40,000 fáráńkì sẹ́fà, pé iye tí ó rà á pẹ̀lú owó ẹrù àti ti aṣọ́bodè jẹ́ 33,000, tí èrè rẹ̀ sì jẹ́ 7,000. Bí ayafídíò bá kọ̀wé pé òun yóò ya fídíò mẹ́jọ lóṣù fún 60,000, ohun tí ó ń sọ fún ìyá yìí ni pé kí ó ta léèsì mẹ́sàn-án lé ní iye tí ó máa ń tà tẹ́lẹ̀, kí owó fídíò tó padà sápò rẹ̀. Léèsì mẹ́jọ kò tíì dá owó náà padà, nítorí pé 56,000 ni èrè rẹ̀. Bí ọgbọ̀n léèsì bá ni ó ń tà lóṣù, àfikún mẹ́sàn-án fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Kò sí olóòótọ́ ayafídíò kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé fídíò mẹ́jọ yóò ṣe irú èyí ní oṣù àkọ́kọ́.

Ìyá náà kò ní í ṣe ìṣirò yìí sórí pépà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń ṣe é. Ohun kan sì wà tí ó máa ń fi wọn 60,000 wò lójú ẹsẹ̀, èyí ni owó oṣù ọmọọ̀ṣẹ́. Ní Gàbọ́ọ̀nù, 80,000 fáráńkì ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ti jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí SMIG. Lójú oníṣọ́ọ̀bù, ẹni tó fẹ́ gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó yìí gbọ́dọ̀ wúlò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọmọ tó ń ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, tó ń gbá ilẹ̀, tó ń gbé aṣọ sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ, tó sì ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Àfiwé yìí le, kò sì tọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n òun ni ó wà lọ́kàn ẹni tí ayafídíò ń kọ̀wé sí, lẹ́tà tí kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ ni.

Ìdáhùn kì í ṣe kí ayafídíò dín owó kù títí yóò fi pa ara rẹ̀. Òun náà ní ìṣirò tirẹ̀. Fídíò tó gùn tó ìdajì ìṣẹ́jú máa ń gba bíi wákàtí méjì láti gé, láti tò, àti láti kọ ọ̀rọ̀ sí lójú. Mẹ́jọ yóò jẹ́ wákàtí mẹ́rìndínlógún. Yíya rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ mẹ́fà, gbígbé e jáde àti àtúnṣe yóò sì jẹ bíi mẹ́rin. Wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá yọ 10,000 kúrò nínú 60,000 fún owó takisí àti dátà, ohun tó kù fún wákàtí kan kò tó 2,000 fáráńkì. Bí ó bá wá ta fídíò mẹ́jọ yìí ní 30,000 nítorí pé ó fẹ́ rí iṣẹ́ náà gbà dandan, wákàtí kan kò tó 800 mọ́, ìrírí sì fi hàn pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń sáré gé fídíò kẹta, fóònù rẹ̀ kì í sì í lọ mọ́ nígbà tó bá kan ti kẹrin. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ó dín kù ni iye fídíò. Fídíò mẹ́rin tí a yà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, fún 25,000, ń bèèrè àfikún léèsì mẹ́rin péré lọ́wọ́ ìyá náà, ó sì fi owó wákàtí ayafídíò sílẹ̀ ní nǹkan bíi 1,500. Àwọn méjèèjì lè fara dà á fún oṣù kan.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni lẹ́tà tó tọ́ fi lè dúró. Ojú ìwé kan péré ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ọwọ́ ni a fi ń mú un lọ, a kì í fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí a kò mọ̀, ó sì lè jẹ́ Faransé tàbí Yorùbá ní ìbámu pẹ̀lú ẹni tí yóò kà á. Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ tí a gbà sínú WhatsApp ti tó, àti pé lẹ́tà jẹ́ àṣejù. Èrò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìyálọ́jà kì í sábà dá ṣe irú ìpinnu yìí. Yóò mú ìwé náà délé, ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé-ìwé yóò kà á sí i létí, ọkọ tàbí àbúrò yóò bèèrè iye tí wọ́n sọ, ayafídíò kò sì ní í sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé. Ìwé tó lè dáhùn ìbéèrè nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ kò sí nílé ni ìwé tó ń ṣiṣẹ́. Bí ó ṣe lè rí nìyí:

“Sí Màmá Oníléèsì, Atong Abè. Ẹ kú ọjà o, Màmá, ajé á wọgbá. Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo sì rí i pé àwọn léèsì aláwọ̀ ewé tó wà lórí pẹpẹ ẹ̀yìn kò ṣeé rí láti ẹnu ọ̀nà. Obìnrin méjì wọlé, wọ́n wo ti iwájú nìkan, wọ́n sì lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya fídíò kéékèèké tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ yóò fi dé inú fóònù àwọn oníbàárà yín. Oṣù kan péré ni mo ń tọrọ, kí a fi dán an wò. Fídíò mẹ́rin ni, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan, kò sí èyí tí yóò ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni màá wá ya gbogbo rẹ̀, láti agogo mẹ́jọ sí mọ́kànlá, kí èrò tó pọ̀. Aṣọ àti ọwọ́ yín nìkan ni yóò hàn, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ kí ojú yín hàn. Owó rẹ̀ jẹ́ 25,000 fáráńkì: 10,000 kí n tó bẹ̀rẹ̀, 15,000 nígbà tí fídíò kẹrin bá dé ọwọ́ yín. Ohun tí mo nílò lọ́dọ̀ yín ni irú léèsì mẹ́rin tí ó ṣì ku mẹ́wàá mẹ́wàá nílẹ̀ ó kéré tán, iye tí ẹ ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ẹnì kan tí yóò máa dá àwọn tó bá bèèrè lóhùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá bèèrè. Bí oṣù bá parí tí ìwé àkọsílẹ̀ yín kò fi hàn pé fídíò mú oníbàárà wá, a ó dúró níbẹ̀, fídíò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì jẹ́ tiyín. Màá yà kí yín ní ọjọ́ Ẹtì láti gbọ́ èsì, bí ẹ bá sì sọ pé rárá, kò sí ìbínú.”

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn fídíò kankan nínú rẹ̀. Léèsì aláwọ̀ ewé orí pẹpẹ ẹ̀yìn ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ìyá náà mọ aṣọ yẹn, ó mọ iye owó rẹ̀ tó há síbẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹni tó rí i ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù wò. A kò lè fi ìlà yìí ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí sì nìyẹn tí ó fi lágbára.

Èkejì ni gbólóhùn tó bèèrè irú léèsì tó ṣì ku mẹ́wàá nílẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọjà yóò fẹ́ ya aṣọ tó rẹwà jù, èyí tó sì rẹwà jù ni ó sábà máa ń ku méjì. Fídíò á jáde, méjèèjì á tà láàárín ọjọ́ kan, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù tí wọ́n bèèrè yóò sì gbọ́ pé “ó ti tán”. Lójú wọn, ìyá náà ń tàn wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù ni. Fídíò ìpolówó wúlò fún ọjà tó pọ̀ nílẹ̀ tí ènìyàn kò tíì rí. Kò wúlò fún ọjà tí ń tà fúnra rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ iye owó. Àṣà kan wà tí ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù fẹ́ràn, pé kí wọ́n má kọ iye sí ara fídíò kí oníbàárà lè bèèrè. Wọ́n ń bẹ̀rù pé oníṣọ́ọ̀bù kejì yóò rí iye náà, yóò sì dín tirẹ̀ kù. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán, ṣùgbọ́n ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni àtẹ̀jíṣẹ́ “combien?” tí yóò máa wọlé láti àárọ̀ dalẹ́, nígbà tí ìyá náà ń wọn aṣọ fún ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ẹni tó bèèrè tí kò rí èsì láàárín wákàtí kan ti lọ. Ọ̀nà àárín wà: kí a kọ “láti 35,000” sí ojú fídíò, kí àwọn tí owó wọn kò tó má ṣe dààmú ẹnikẹ́ni, kí àyè ìnájà sì ṣì wà. Nínú èyí, àwọn oníkiri ilẹ̀ Yorùbá ti mọ̀nà tipẹ́: orúkọ ọjà, ipò tí ọjà wà, àti iye rẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ sínú ìpolówó èémí kan, ẹni tó wà nínú ilé á sì ti mọ̀ bóyá kí òun jáde tàbí kí òun má jáde.

Ìdí tí lẹ́tà fi yan àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tún jinlẹ̀ ju ìrọ̀rùn lọ. Inú ṣọ́ọ̀bù kékeré máa ń ṣókùnkùn, gílóòbù gígùn funfun tó wà lókè rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí pé 50 Hz ni iná ìjọba ní Gàbọ́ọ̀nù, bí ó ti rí ní Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Ojú ènìyàn kì í rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà fóònù lè rí i, tí ìlà dúdú yóò sì máa rìn sókè sódò lójú fídíò. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi ìyára kámẹ́rà sí 1/50 tàbí 1/100, ìlà náà á sì parẹ́. Tàbí kí ó pa gílóòbù náà, kí ó gbé aṣọ wá sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ wà kí oòrùn tó mú janjan. Àwọ̀ ṣe pàtàkì ju èyí lọ. Bí fóònù bá ń yí àwọ̀ padà fúnra rẹ̀ bí ó ti ń kúrò lórí aṣọ kan bọ́ sórí èkejì, léèsì aláwọ̀ wáìnì yóò dà bí aláwọ̀ pupa, oníbàárà tó bá ti wọ takisí wá nítorí pupa yóò sì bínú. Nítorí náà, a máa ń so àwọ̀ kámẹ́rà mọ́lẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí ìyá tó ni aṣọ sì fi aṣọ gangan wé fídíò kí ó tó jáde. Fídíò náà gbọ́dọ̀ dúró lóòró bí fóònù ṣe ń dúró, kí aṣọ hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ tó wà lójú rẹ̀ sì sọ ohun gbogbo, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo fídíò láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Orin náà ní ìdíwọ́: àkáǹtì oníṣòwò lórí TikTok kò lè lo orin olókìkí tó wù ú, àwọn orin tí TikTok yà sọ́tọ̀ fún ìpolówó nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ sí, ẹni tó bá sì rú òfin yìí lè rí i pé wọ́n ti pa ohùn fídíò rẹ̀.

Gbólóhùn tó sọ pé ọwọ́ nìkan ni yóò hàn ni ó gbẹgẹ́ jù nínú gbogbo lẹ́tà, ó sì yẹ kí ó wà níbẹ̀ láìsí àlàyé gígùn. Àwọn àgbà nínú àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ tó wà ní Libreville kò gbàgbé 1978, nígbà tí ìjọba Omar Bongo lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kúrò ní orílẹ̀-èdè náà lẹ́yìn ìjà òun àti Kérékou, ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà. Ní Oṣù Kẹjọ 2025, ìgbìmọ̀ mínísítà Gàbọ́ọ̀nù tún kéde àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan tí àjèjì kò gbọ́dọ̀ ṣe mọ́, lára wọn ni títa ọjà wẹ́wẹ́ ládùúgbò àti títún fóònù ṣe. Ẹni tó jẹ́ àjèjì, bí ìwé rẹ̀ tilẹ̀ pé, lè má fẹ́ kí ojú òun, orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti bí ọjà òun ṣe pọ̀ tó máa kiri lórí fóònù gbogbo ìlú. Ayafídíò tó bá ka ìlọ́ra yìí sí àìlajú kò mọ ibi tí ó ń gbé. Òfin pàápàá wà lẹ́yìn ẹni tó kọ̀: láti 2011 ni Gàbọ́ọ̀nù ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn, ojú ènìyàn sì wà nínú irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà kan àwọn oníbàárà tó bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí a ń yà á. A gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ wọn kí a tó ya ojú wọn, ẹni tí kò bá sì fẹ́, kí a dúró dè é kí ó parí ìnájà rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ sí àkáǹtì ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà kì í dárúkọ, ibẹ̀ sì ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oṣù bá parí. Nọ́ńbà ìyá náà ni ó yẹ kí a fi ṣí ojú ìwé ṣọ́ọ̀bù lórí TikTok tàbí Facebook, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bí ayafídíò bá fi nọ́ńbà tirẹ̀ ṣí i, gbogbo oníbàárà tó bá kóra jọ síbẹ̀ di ohun ìdógò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí lẹ́tà bá sọ pé “fídíò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jẹ́ tiyín”, àkáǹtì ibi tí wọ́n wà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìyá náà pẹ̀lú.

Ìwé àkọsílẹ̀ tí lẹ́tà mẹ́nu bà kò ju ìwé kékeré kan lọ, tí ọmọọ̀ṣẹ́ yóò fi sí ẹ̀gbẹ́ àpótí owó. Ẹni tó bá wọlé tí ó fi fídíò han ọmọ náà lórí fóònù, tàbí tó sọ pé òun rí aṣọ lórí WhatsApp, gba àmì kan. Bí ó bá rajà, ó gba àmì kejì. Ọgbọ́n yìí kò pé. Àwọn kan rí fídíò tí wọn kò ní í sọ, àwọn kan gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ tó rí i. Àkókò ọdún náà ń da ìṣirò rú: ọjọ́ àwọn obìnrin Gàbọ́ọ̀nù, tí í ṣe 17 Oṣù Kẹrin, àti àwọn ìgbéyàwó inú ẹ̀ẹ̀rùn, láti Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án, ń ta aṣọ fúnra wọn, ayafídíò tó bá sì bẹ̀rẹ̀ ní irú oṣù bẹ́ẹ̀ lè gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Fún ìdí kan náà, fídíò aṣọ ọdún tó jáde ní ọ̀sẹ̀ ọdún ti pẹ́ jù, nítorí pé aránṣọ nílò ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Síbẹ̀, àmì inú ìwé kékeré yẹn ṣeé gbà gbọ́ ju iye ojú lọ, nítorí pé ọmọọ̀ṣẹ́ ìyá náà ni ó kọ ọ́, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ gba owó.

Ó ku ohun kan tí Libreville ní tí àwọn ìlú mìíràn lè má ní tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba ti pa íńtánẹ́ẹ̀tì ní Gàbọ́ọ̀nù lẹ́yìn ìdìbò 2016, nígbà tí àwọn ológun fẹ́ gbàjọba ní Oṣù Kìíní 2019, àti ní ọjọ́ ìdìbò Oṣù Kẹjọ 2023 títí di ìgbà tí àwọn ológun fi gbàjọba lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, fídíò tí a ti san owó rẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà lè yanjú rẹ̀: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ náà kò sí nínú oṣù, fídíò rẹ̀ yóò sì jáde nígbà tó bá padà dé, láìsí àfikún owó. Irú gbólóhùn kan náà yẹ kí ó wà fún iná, nítorí pé bí iná bá lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ ya fídíò, wọ́n lè sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan láìsí owó.

Bí oṣù bá wá parí, tí àmì inú ìwé jẹ́ mẹ́fà tí rírà sì jẹ́ méjì, èrè rẹ̀ jẹ́ 14,000 lórí 25,000 tí í ṣe owó fídíò. Lẹ́tà kejì kò gbọ́dọ̀ bèèrè fún fídíò mẹ́jọ nígbà náà. Ohun tó yẹ kí àwọn méjèèjì jókòó wò ni èyí tó mú àwọn mẹ́fà náà wá nínú fídíò mẹ́rin, àti ìdí tí mẹ́rin nínú wọn fi lọ láìrà: bóyá iye owó ni, bóyá àwọ̀ aṣọ kò rí bí ó ti rí lójú fóònù, bóyá ọmọọ̀ṣẹ́ kò mọ ibi tí léèsì náà wà. Bí ìyá náà bá sọ pé òun kò fẹ́ tẹ̀ síwájú, kí ayafídíò gba 15,000 tó kù, kí ó kó fídíò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú fóònù ìyá náà, kí ó fi hàn án bí yóò ṣe máa gbé wọn sí Status fúnra rẹ̀, kí ó sì béèrè bóyá òun lè padà wá kí i ní Oṣù Kẹta, kí aṣọ 17 Oṣù Kẹrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.